Wọ́n fi orúkọ mi yáwó, wọ́n ní kí n san díẹ̀

*Ẹ káàsán mà. Mo lọ yáwó ní báńkì lóṣù tó kọjá, wọ́n ní àwọn ò lè fún mi nítorí gbèsè mẹ́ta tó wà lọ́rùn mi. N kò yáwó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni rí. Mo pe ọ̀kan nínú àwọn ayánilówó náà, wọ́n ní owó ọ̀hún wọ àkáǹtì tó ń jẹ́ orúkọ mi, àwòrán mi sì wà lọ́wọ́ àwọn. Wọ́n ní tí mo bá lè san díẹ̀ báyìí, àwọn á dá ìpè dúró. Ó ti sú mi, mà. Ṣé kí n san án ni?*

Ẹ má san án, ì báà jẹ́ bíńtín. Mo mọ̀ bí ìpè àràárọ̀ ṣe ń mú kí ènìyàn fẹ́ fi owó ra ìsinmi, ṣùgbọ́n ẹ̀rí tí wọn yóò fi mú yín lẹ ń fi owó yín rà yẹn. Nínú ìwé ayánilówó, ẹni tó san díẹ̀ nínú gbèsè ti gbà pé òun jẹ ẹ́. Ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, òfin fi iye ọdún kan sílẹ̀ tí ayánilówó lè fi pe onígbèsè lẹ́jọ́. Ìsanwó kékeré kan lè mú kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọdún náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìlérí ẹnu náà kò yàtọ̀ púpọ̀. Ọ̀pọ̀ ayánilówó ló ń gba ohùn sílẹ̀. Bí ẹ bá sọ pé "ẹ jẹ́ kí oṣù parí", nítorí kí ẹni náà ṣáà lè gbé fóònù sílẹ̀, ọ̀rọ̀ yẹn yóò wà nínú fáìlì yín títí.

Bí wọ́n bá tún pè, gbólóhùn mẹ́ta ti tó: "N kò yá owó yìí. Ẹlòmíràn ló fi orúkọ mi yá a. Ẹ fún mi ní àdírẹ́ẹ̀sì ẹ̀ka tó ń rí sí jìbìtì kí n kọ̀wé sí wọn." Bí wọ́n bá ní kí ẹ kọ́kọ́ sọ ọjọ́ ìbí yín, tàbí nọ́ńbà ìdánimọ̀ yín, kí àwọn lè mọ̀ pé ẹ̀yin ni, ẹ má sọ ọ́. Àwọn ni wọ́n pè yín. Ẹ kò mọ̀ bóyá ayánilówó ni lóòótọ́ tàbí olè tó ń wá èyí tó kù. Kódà bó bá jẹ́ ayánilówó, òṣìṣẹ́ tí ojú ń kán lè fi ohun tí ẹ sọ dí àlàfo inú fáìlì tí olè fi sílẹ̀ láìpé. Ohun tó bá kan ọ̀rọ̀ yìí, inú ìwé ni kó wà láti òní lọ.

Ọdún 11 ni mo fi jókòó sí ẹ̀ka ẹ̀sùn ní ilé-iṣẹ́ ayánilówó kan kí n tó fi ibẹ̀ sílẹ̀. Ohun tí mo rí níbẹ̀ ni pé ẹni tó ké jù kọ́ ló ń borí. Ẹni tó mọ ohun tó wà nínú fáìlì ló ń borí. Ìdí nìyẹn tí n óò fi pẹ́ díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ fáìlì, nítorí gbólóhùn méjì tí wọ́n sọ fún yín yẹn, pé owó wọ àkáǹtì tó ń jẹ́ orúkọ yín àti pé àwòrán yín wà lọ́wọ́ wọn, ni wọ́n fi ń pa ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu mọ́. Òótọ́ sì lè ni méjèèjì, síbẹ̀ kí ẹ má jẹ gbèsè kankan.

Ẹ kọ́kọ́ lọ gba ìwé ìtàn gbèsè yín lọ́dọ̀ kírẹ́díìtì bíúrò, ìyẹn ilé-iṣẹ́ tí àwọn ayánilówó máa ń fi ìròyìn àwọn tó jẹ wọ́n ní gbèsè ránṣẹ́ sí. Bíúrò kì í sábà jẹ́ ẹyọ kan ní orílẹ̀-èdè kan. Ẹ gbà á lọ́dọ̀ gbogbo wọn, torí ayánilówó kan lè máa ròyìn fún ọ̀kan ṣoṣo, kí àwọn yòókù má gbọ́ nǹkan kan. Báńkì yín rí gbèsè mẹ́ta nítorí bíúrò tí wọ́n béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ mọ mẹ́ta. Ìkẹrin lè wà níbòmíràn.

Bí ìwé náà bá dé, ojú gbogbo ènìyàn ló máa ń sáré lọ síbi tí gbèsè wà. Èmi máa ń ní kí wọ́n ti ibòmíràn bẹ̀rẹ̀. Ẹ wo òkè, níbi tí orúkọ, àdírẹ́ẹ̀sì, nọ́ńbà fóònù àti ibi iṣẹ́ wà. Bí ẹ bá rí àdírẹ́ẹ̀sì tí ẹ kò gbé rí, tàbí nọ́ńbà fóònù tí kì í ṣe tiyín, ẹsẹ̀ olè nìyẹn. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù, kí lẹ́tà àti kóòdù ayánilówó má bàa dé ọ̀dọ̀ yín. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ sí apá tó ṣàfihàn àwọn tó yẹ ìwé yín wò. Nígbàkigbà tí ẹnìkan bá fi orúkọ yín tọrọ owó lọ́wọ́ ayánilówó tó ń bá bíúrò ṣiṣẹ́, orúkọ ayánilówó yẹn àti ọjọ́ tó yẹ̀ ẹ́ wò máa ń wà níbẹ̀, ì báà fún un lówó tàbí kó má fún un. Ẹ má fi èyí da àwọn àyẹ̀wò lásán rú, irú èyí tí báńkì tí ẹ ti ń lò tẹ́lẹ̀ ń ṣe láti mọ bí nǹkan ṣe ń lọ. Ìyẹn kì í ṣe ẹ̀sùn. Èyí tó jẹ́ pé ìtọrọ owó ló fà á ni kí ẹ kọ sílẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́ rẹ̀. Èyí tó pẹ́ jù nínú wọn yóò sọ ọjọ́ tí olè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ fún yín.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti obìnrin kan tí mo bá kọ̀wé, nítorí ọ̀rọ̀ rẹ̀ jọ tiyín gan-an. Gbèsè mẹ́ta ni. Nínú ìwé tirẹ̀, àyẹ̀wò márùn-ún ló wà láàárín ọjọ́ 4 sí ọjọ́ 6 oṣù kẹta. Ayánilówó méjì kọ̀, mẹ́ta gbà. Ó ti lé lóṣù mẹ́ta kó tó gbọ́ nǹkan kan, nítorí nọ́ńbà tí ìparí rẹ̀ jẹ́ 47 ni wọ́n ń pè, òun kò sì ní irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ rí. Ìgbà tí nọ́ńbà yẹn kò lọ mọ́ ni wọ́n wá tirẹ̀ rí níbòmíràn.

Òun náà, wọ́n ní owó wọ àkáǹtì tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀. Òótọ́ ni. Ọjọ́ 2 oṣù kẹta ni ẹnìkan ṣí àkáǹtì náà lórí fóònù, ní báńkì tí obìnrin yìí kò wọ ẹnu ọ̀nà rẹ̀ rí. Ohun tí olè tó mọṣẹ́ máa ń kọ́kọ́ ṣe nìyẹn, nítorí ọ̀pọ̀ ayánilówó kì í san owó sí àkáǹtì tí orúkọ rẹ̀ bá yàtọ̀ sí ti ẹni tó tọrọ. Orúkọ tó bára mu kò wá fi hàn ju pé ẹnìkan náà ló ṣe iṣẹ́ méjèèjì.

Ní ti àwòrán, òun gan-an ló wà níbẹ̀, ó di káàdì ìdánimọ̀ rẹ̀ mú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú. Nígbà tó rí i, ńṣe ló bú sẹ́kún, ó ní bóyá òun ti yá owó náà tí òun sì gbàgbé. Mo ní kó wo aṣọ tó wọ̀ àti ògiri tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó rántí. Lọ́jọ́ 24 oṣù kejì, ẹnìkan tó pe ara rẹ̀ ní agbanisíṣẹ́ ní kó ya àwòrán bẹ́ẹ̀ kó fi ránṣẹ́, kí àwọn lè ṣe ìwé iṣẹ́ rẹ̀. Iṣẹ́ náà kò wá. Àwòrán náà ṣì wà nínú fóònù rẹ̀, àti ọ̀rọ̀ tí wọ́n jọ sọ, pẹ̀lú ọjọ́ àti wákàtí. Nígbà tí a rí fáìlì àwọn ayánilówó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta àti ti báńkì, àwòrán ẹyọ kan yẹn ló wà nínú gbogbo wọn: aṣọ kan náà, òjìji kan náà lára ògiri, ìka kan náà tó bo igun káàdì. Ẹni tó bá dúró níwájú kámẹ́rà fúnra rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin, ní ọjọ́ tó yàtọ̀ síra, kò lè jáde lọ́nà kan náà lẹ́ẹ̀mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ohun tí ayánilówó gbé dání bí idà wá di ẹ̀rí pé àwòrán àtijọ́ ni wọ́n fi tàn wọ́n jẹ.

Nítorí náà, lẹ́tà àkọ́kọ́ tí ẹ óò kọ sí ayánilówó kọ̀ọ̀kan kò gbọdọ̀ dúró lórí "èmi kọ́". Ẹ tọrọ fáìlì. Ẹ béèrè fún fọ́ọ̀mù ìtọrọ owó bí wọ́n ṣe kọ ọ́, ìwé àdéhùn àti ìbuwọ́lùwé, nọ́ńbà fóònù àti ímeèlì tí wọ́n lò, gbogbo àwòrán tí wọ́n gbà pẹ̀lú ọjọ́ àti wákàtí, irú fóònù tàbí kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi wọlé àti àdírẹ́ẹ̀sì rẹ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, orúkọ báńkì àti nọ́ńbà àkáǹtì tí owó náà wọ̀, àti àkọsílẹ̀ owó èyíkéyìí tí wọ́n ti san padà. Ẹ má fojú fo ti ìgbẹ̀yìn yìí. Olè míì máa ń san ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì kí wọ́n lè tún yá a ní èyí tó pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, àkáǹtì tó sì fi san án lè jẹ́ tirẹ̀ gan-an.

Ẹ̀tọ́ láti rí àwọn nǹkan wọ̀nyí wà nínú òfin ní ọ̀pọ̀ ibi. Ní Amẹ́ríkà, láti ọdún 2003 ni òfin ti sọ pé ẹni tí wọ́n jí ìdánimọ̀ rẹ̀ lè kọ̀wé béèrè ìwé ìtọrọ owó àti ìwé ìṣòwò náà, kí ilé-iṣẹ́ sì fún un láàárín 30 ọjọ́ láìgba owó. Ní Yúróòpù, òfin dátà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2018 fún ilé-iṣẹ́ ní oṣù kan láti fèsì fún ẹni tó bá béèrè ohun tí wọ́n ní nípa rẹ̀. Bí orílẹ̀-èdè yín bá ní òfin tó ń dáàbò bo dátà, ẹ wá ibi tó ti sọ nípa ẹ̀tọ́ láti rí ohun tí wọ́n kọ nípa yín, kí ẹ sì dárúkọ rẹ̀ nínú lẹ́tà.

Ọgbọ́n kan wà tí àwọn ayánilówó kan máa ń dá fún yín níbí, ó sì máa ń bí mi nínú. Wọ́n á ní: "Ẹ ti ní ẹ̀yin kọ́ lẹ yá owó yìí, nítorí náà dátà ẹlòmíràn nìyí, a kò lè fi hàn yín." Kí wọ́n tó sọ bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ ti kọ ọ́ sínú lẹ́tà pé ohun tí ẹ ń béèrè ni gbogbo àkọsílẹ̀ tí wọ́n so mọ́ orúkọ yín, ọjọ́ ìbí yín àti nọ́ńbà ìdánimọ̀ yín. Bí wọ́n bá ń fi orúkọ yín sin gbèsè, dátà yín ni. Bí wọ́n bá ṣì di nọ́ńbà fóònù tàbí àkáǹtì mú, ẹ ní kí wọ́n fún yín ní òǹkà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn, kí wọ́n sì fi èyí tó kù fún ọlọ́pàá.

Ọ̀rọ̀ kan ọlọ́pàá. Ẹ lọ fi ẹjọ́ sùn kí ẹ tó fi lẹ́tà ránṣẹ́. Ẹ má retí pé wọn yóò mú ẹnikẹ́ni lọ́sẹ̀ yẹn. Ìwé ẹ̀sùn tó ní nọ́ńbà àti ọjọ́ lẹ wá, nítorí láìsí i, ọ̀pọ̀ ayánilówó kì í ṣí ẹjọ́ jìbìtì rárá. Ẹ mú ìwé ìtàn gbèsè yín dání, kí orúkọ ayánilówó kọ̀ọ̀kan, nọ́ńbà gbèsè kọ̀ọ̀kan àti ọjọ́ tí wọ́n yá a wà nínú ẹ̀sùn náà. Ẹ̀sùn tó kàn sọ pé "wọ́n fi orúkọ mi ṣe jìbìtì" kò ní mú gbèsè kankan kúrò. Bí wọ́n bá ní kí ẹ lọ búra ní kóòtù, ẹ ṣe é, ṣùgbọ́n ohun tí ẹ mọ̀ nìkan ni kí ẹ fi búra.

Lẹ́yìn ọlọ́pàá, báńkì tí owó wọ̀ ni kí ẹ lọ, kó tó di pé ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í bá ayánilówó jà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló máa ń yí èyí po. Obìnrin yẹn náà ti fi ọ̀sẹ̀ mẹ́fà bá ayánilówó mẹ́ta fa ọ̀rọ̀ kó tó wá bá mi, kò sì ronú kan báńkì rárá, torí báńkì kò béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, ibẹ̀ ni gbòǹgbò wà. A kọ̀wé sí báńkì náà pé òun kọ́ ló ṣí àkáǹtì, a fi ìwé ọlọ́pàá sí i àti ìwé ìdánimọ̀ rẹ̀, a ní kí wọ́n ti àkáǹtì náà pa, kí wọ́n sì fún wa ní ìwé bí wọ́n ṣe ṣí i. Wọ́n wò ó, wọ́n rí i pé nọ́ńbà tó parí sí 47 ló ṣí i, pé ọjọ́ 2 ni wọ́n ṣí i, pé owó mẹ́ta péré ló wọlé sí i láti ìgbà náà, pé gbogbo wọn sì jáde láàárín wákàtí kan tí wọ́n wọlé. Báńkì kọ lẹ́tà kúkúrú kan pé àwọn ti wádìí, pé kì í ṣe obìnrin náà ló ṣí àkáǹtì yẹn. Ìpínrọ̀ méjì ni lẹ́tà náà, ṣùgbọ́n òun ló wó gbèsè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, torí gbogbo wọn ló gbẹ́kẹ̀ lé àkáǹtì kan.

Bó bá jẹ́ pé ẹ kò tíì mọ báńkì náà, ẹ bi ayánilówó tí ẹ bá sọ̀rọ̀ yẹn. Wọ́n ti fúnra wọn sọ pé owó wọ àkáǹtì tó ń jẹ́ orúkọ yín, nítorí náà wọ́n mọ ibi tó wà.

Nígbà tí ẹ bá wá ń kọ lẹ́tà tó ń tako gbèsè náà fúnra rẹ̀, ẹ jẹ́ kó kúrú. Ẹ sọ nọ́ńbà gbèsè. Ẹ sọ pé ẹ kò tọrọ rẹ̀, ẹ kò gbà á, ẹ kò sì jẹ àǹfààní rẹ̀. Ẹ wá to ohun tí kò bára mu lẹ́sẹẹsẹ: àdírẹ́ẹ̀sì yìí kì í ṣe tèmi, ìwé ilé tí mo ń gbé rè é, fóònù yìí kì í ṣe tèmi, àkáǹtì yìí kì í ṣe tèmi, lẹ́tà báńkì rè é, àwòrán yìí ni mo fi ránṣẹ́ sí oníjìbìtì lọ́jọ́ báyìí, ọ̀rọ̀ tí a jọ sọ rè é. Ẹ so àkọsílẹ̀ owó inú àkáǹtì tiyín gan-an mọ́ ọn fún oṣù tí wọ́n yá a, kí wọ́n rí i pé owó kankan kò wọlé. Ìwà rere yín, ọdún tí ẹ ti fi ṣiṣẹ́, ìbínú yín, kò sí èyí tó ń wúlò nínú lẹ́tà bẹ́ẹ̀. Mo ti ka ọgọ́rọ̀ọ̀rún irú rẹ̀, ojú òṣìṣẹ́ máa ń fò wọ́n kọjá lọ síbi tí ìwé ẹ̀rí wà. Ẹ fi ránṣẹ́ lọ́nà tí wọn yóò fi buwọ́ lùwé pé ó dé, tàbí kí ẹ gba ọ̀ǹtẹ̀ sí ẹ̀dà tiyín. Ìwé àtilẹ̀wá kò gbọdọ̀ kúrò lọ́wọ́ yín. Fọ́tòkọ́pì ni kí ẹ fún wọn.

Ohun tí ẹ ń béèrè ní ìparí lẹ́tà ṣe pàtàkì. Ẹ má gba "a ti parí ọ̀rọ̀ náà". Ẹ béèrè nǹkan mẹ́ta: kí wọ́n kọ ọ́ pé jìbìtì ni gbèsè náà àti pé ẹ kò jẹ wọ́n, kí wọ́n sọ fún gbogbo bíúrò tí wọ́n ròyìn fún pé kí wọ́n yọ ọ́ kúrò, kí wọ́n sì má tà á tàbí gbé e fún àwọn tó ń sin gbèsè. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín kí wọ́n yọ gbèsè kúrò àti kí wọ́n kọ "a ti san án tán" sí i pọ̀ gidigidi. Bí wọ́n bá kọ pé wọ́n ti san án tán, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ẹ̀yin lẹ yá a, ìdádúró ìsanwó tó wà lórí rẹ̀ yóò sì ṣì máa sọ̀rọ̀ yín níbi tí ẹ kò sí. Ọ̀kan nínú àwọn ayánilówó obìnrin yẹn ṣe báyìí fún un. Inú rẹ̀ dùn, ó pè mí. Mo ní kó fi ìwé ìtàn gbèsè ránṣẹ́ sí mi, ìgbà tí a wò ó, gbèsè náà wà níbẹ̀ digbí, wọ́n kàn kọ òdo sí iye tó kù ni. A tún kọ̀wé.

Ẹ kọ irú lẹ́tà kan náà sí bíúrò kọ̀ọ̀kan lọ́jọ́ kan náà. Ẹ ní kí wọ́n yọ àwọn gbèsè náà, àdírẹ́ẹ̀sì àti fóònù tí kì í ṣe tiyín, àti àwọn àyẹ̀wò tí ìtọrọ olè náà fà. Àwọn kan máa ń gbàgbé àyẹ̀wò, bẹ́ẹ̀ ayánilówó tó bá rí márùn-ún láàárín ọjọ́ mẹ́ta yóò rò pé ebi owó ló ń pa yín. Ní Amẹ́ríkà, bíúrò gbọ́dọ̀ dí ìròyìn tó ti ọwọ́ olè wá láàárín ọjọ́ iṣẹ́ 4 tí ìwé ẹ̀sùn, ìwé ìdánimọ̀ àti àlàyé yín bá ti dé ọwọ́ wọn. Níbòmíràn ó lè gba oṣù kan.

Nígbà tí ẹ bá wà lọ́dọ̀ bíúrò, ẹ bi wọ́n bóyá ẹ lè ti ìwé yín pa, kí ayánilówó tuntun kankan má lè yẹ̀ ẹ́ wò láìjẹ́ pé ẹ fúnra yín ṣí i. Amẹ́ríkà sọ èyí di ọ̀fẹ́ fún gbogbo ènìyàn ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2018. Níbi tí kò bá sí, wọ́n lè gbà kí ẹ fi àkíyèsí sí orí ìwé náà pé kí wọ́n pè yín lórí nọ́ńbà tiyín kí wọ́n tó fún ẹnikẹ́ni lówó. Ibi tí agbára rẹ̀ mọ ni pé kò kan gbèsè tó ti wà nílẹ̀, kò sì lè dá ayánilówó tí kì í yẹ bíúrò wò dúró. Olè mọ àwọn ayánilówó bẹ́ẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ tó sùn lónìí, ẹ ṣí ímeèlì yín kí ẹ wo ibi tí wọ́n ti ń ṣètò bí lẹ́tà ṣe ń wọlé. Mo ti rí i ju ẹ̀ẹ̀kan lọ pé olè wọ ímeèlì ẹni, kò yí ọ̀rọ̀ aṣínà padà kí wọ́n má bàa fura, ó kàn pàṣẹ pé kí lẹ́tà tó bá ní orúkọ ayánilówó kan máa lọ sí ibi ìdọ̀tí tàbí kí ó máa lọ sí ímeèlì ẹlòmíràn. Ẹ pa irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ rẹ́, ẹ yí ọ̀rọ̀ aṣínà, kí ẹ sì lé gbogbo fóònù tí ẹ kò mọ̀ jáde kúrò nínú rẹ̀. Ẹ tún rántí bóyá síìmù yín kú lójijì nígbà kan láìnídìí, fún wákàtí díẹ̀ tàbí ọjọ́ kan. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ béèrè lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ fóònù bóyá ẹnìkan gba síìmù mìíràn fún nọ́ńbà yín lọ́jọ́ yẹn, kí ẹ sì gba èsì wọn sínú ìwé.

Ohun kan wà tó ṣòro láti sọ, ṣùgbọ́n n óò sọ ọ́. Nígbà tí fáìlì bá dé, ó lè jẹ́ pé nọ́ńbà tàbí àdírẹ́ẹ̀sì tí ẹ óò rí níbẹ̀ jẹ́ ti ẹni tí ẹ mọ̀: ẹ̀gbọ́n, àbúrò, ọkọ, ìyàwó, ọ̀rẹ́ tó gbé lọ́dọ̀ yín. Ẹni tó súnmọ́ni ló mọ ibi tí ìwé ìdánimọ̀ wà. Ẹ kò ní lè sọ nínú ìbúra pé ẹ kò mọ ẹni tó ṣe é bí ẹ bá ti mọ̀ ọ́n, torí irọ́ inú ìbúra yóò sọ ẹ̀yin náà di ọ̀daràn. Bí ẹ bá sì pinnu láti bò ó mọ́lẹ̀, ayánilówó kò ní fagi lé gbèsè náà fún yín; ẹ ti gbà á sọ́rùn nìyẹn. N kò lè pinnu èyí fún ẹnikẹ́ni. Mo kàn fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé kò sí ọ̀nà kẹta tí ìwé yóò fi mọ́ láìjẹ́ pé ẹnìkan dáhùn fún owó náà. Ẹni tó fi tinútinú gba owó fún ọ̀rẹ́ ní orúkọ ara rẹ̀, tàbí tó ṣe onídùúró fún un, kò sí nínú ohun tí mò ń sọ yìí. Ìyẹn jẹ gbèsè lóòótọ́.

Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yọ ọ́ kúrò, ẹ tún gba ìwé ìtàn gbèsè lẹ́yìn oṣù kan, lẹ́yìn oṣù méjì, àti lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Ohun tí ayánilówó bá sọ fún bíúrò ni bíúrò máa ń kọ. Bí bíúrò bá yọ gbèsè náà ṣùgbọ́n tí kọ̀ǹpútà ayánilówó ṣì mú un dání, ìròyìn oṣooṣù tó ń bọ̀ yóò dá a padà síbẹ̀. Ó lè padà wá pẹ̀lú orúkọ mìíràn bákan náà, tí wọ́n bá ti tà á kí lẹ́tà yín tó dé. Méjì nínú gbèsè obìnrin yẹn parí láàárín ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Ẹ̀kẹta ni wọ́n ti tà, ó sì gba oṣù méje, torí ẹni tó rà á kò ní fáìlì kankan lọ́wọ́ ju orúkọ, nọ́ńbà àti iye owó. A ní kó mú ìwé àdéhùn wá. Kò rí i mú wá, ó jọ̀wọ́ rẹ̀.

Ní nǹkan bí ọdún méjì lẹ́yìn náà, ẹlòmíràn tún pè é lórí gbèsè ẹ̀kẹta yẹn, pẹ̀lú orúkọ ilé-iṣẹ́ tí kò gbọ́ rí. Kò bá a jiyàn. Ó gba àdírẹ́ẹ̀sì, ó fi ẹ̀dà lẹ́tà báńkì, ẹ̀dà lẹ́tà ayánilówó àkọ́kọ́ àti nọ́ńbà ẹ̀sùn ọlọ́pàá ránṣẹ́ lọ́jọ́ náà gan-an. Ọjọ́ kẹsàn-án ni èsì dé pé wọ́n ti pa fáìlì náà dé. Inú àpò ìwé kan ṣoṣo ló kó gbogbo rẹ̀ sí, kò sì tíì jù ú nù.